ANOVA àtùnwọ̀n àbí mọ́dẹ́ẹ̀lì aládàlù fún máàkì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn?

Mofẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. A ń kọ ìwé ètò ìtúpalẹ̀ fún ìdánwò ìtọ́jú kan lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ọ̀wọ́ méjì ni, a ó sì gba máàkì PHQ-9 ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìkẹjọ, ìkejìlá àti ìkẹrìnlélógún. Olùdarí iṣẹ́ mi ní kí n kọ ANOVA àtùnwọ̀n nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ní ẹ̀ka wa ní mọ́dẹ́ẹ̀lì aládàlù ni wọ́n ń lò báyìí. A kò tíì ṣí dátà wò rárá. Èwo ni kí n kọ sílẹ̀, kí sì ni àlàyé tí mo lè gbé síwájú ọ̀gá mi?

Adéwọlé

Àǹtí Mofẹ́, mọ́dẹ́ẹ̀lì aládàlù ni o. ANOVA àtùnwọ̀n ti di ohun àtijọ́. Ẹ to dátà yín kí ìlà kan dúró fún ìbẹ̀wò kan, kí ẹ sì kọ èyí:

```r
lmer(phq ~ arm * visit + (1 | id), data = d)
```

Ó parí. Kò ní béèrè àwọn òfin tí ANOVA máa ń béèrè lórí ìtànká máàkì, yóò sì bá yín yanjú ọ̀rọ̀ àwọn tó bá yọwọ́ láìjẹ́ pé ẹ ṣe ohunkóhun.

Olùṣirò_Ìlọrin

Ìdajì òótọ́ ni Adéwọlé sọ, ìdajì tó kù ló sì lè dá wàhálà sílẹ̀. Ìlà kóòdù yẹn kò tíì jáde nínú ilé ANOVA. Ohun tí `(1 | id)` ń sọ ni pé aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní iye kan tó fi ga tàbí tó fi rẹlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, àti pé iye yẹn kò yí padà títí ìdánwò fi parí. Ẹni tó bá gba èyí ti gbà pé máàkì ọ̀sẹ̀ kẹrin sún mọ́ ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún bó ṣe sún mọ́ ti ọ̀sẹ̀ kẹjọ gan-an, ó sì ti gbà pé bí máàkì àwọn ènìyàn ṣe fọ́n ká kò yàtọ̀ láti ìbẹ̀wò kan sí èkejì. Òfin yìí tilẹ̀ le ju ti ANOVA lọ, torí pé ohun tí ANOVA ń fẹ́ kò ju pé kí ìtànká ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìbẹ̀wò méjì-méjì dọ́gba. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yọwọ́, tí ẹ sì fi `visit` ṣe ẹ̀ka dípò nọ́ńbà, F tí ẹ óò rí fún `arm:visit` nínú méjèèjì a máa bára mu délẹ̀délẹ̀.

Nínú ìdánwò ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, òfin náà kì í sábà dúró. Bí ẹ bá sọ pé ẹni tí PHQ-9 rẹ̀ tó 10 nìkan ni yóò wọlé, máàkì ìbẹ̀rẹ̀ yóò há gádígádí. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn kan yóò ti wálẹ̀ sí 3, àwọn mìíràn yóò ṣì wà ní 19, ìtànká yóò sì ti gbòòrò. Ẹ tún wo àlàfo àárín àwọn ìbẹ̀wò yín: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni títí dé ọ̀sẹ̀ kejìlá, lẹ́yìn náà ó di ọ̀sẹ̀ méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìdí tí a ó fi rò pé ìbátan àwọn máàkì wọ̀nyí yóò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n lo dátà tí gbogbo wa lè ṣí. `BtheB` wà nínú páàkì `HSAUR3` ti R. Aláìsàn 100 ló wà níbẹ̀, tí a fi ìtọ́jú orí kọ̀ǹpútà wé ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Máàkì BDI, tó máa ń wà láàrin 0 àti 63, ni wọ́n gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní oṣù kejì, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkẹjọ. Ní oṣù kejì, ẹni 97 ló ní máàkì. Ní oṣù kẹta, 73. Ní oṣù karùn-ún, 58. Ní oṣù kẹjọ, 52. ANOVA àtùnwọ̀n kì í gba ẹni tí máàkì rẹ̀ kan ṣoṣo sọnù, nítorí náà kò lè lò ju ẹni 52 lọ nínú 100. Mọ́dẹ́ẹ̀lì aládàlù yóò lo máàkì 280 láti ọ̀dọ̀ ẹni 97.

Ohun tí mo máa kọ rèé, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ìdánwò oògùn ń pè ní MMRM:

```r
library(mmrm); library(emmeans)
data("BtheB", package = "HSAUR3")
BtheB$subject <- factor(rownames(BtheB))
d <- reshape(BtheB, idvar = "subject",
  varying = c("bdi.2m", "bdi.3m", "bdi.5m", "bdi.8m"),
  v.names = "bdi", timevar = "visit",
  times = c(2, 3, 5, 8), direction = "long")
d$visit <- factor(d$visit)
m <- mmrm(bdi ~ bdi.pre * visit + treatment * visit +
  us(visit | subject), data = d, method = "Kenward-Roger")
emmeans(m, pairwise ~ treatment | visit)
```

`us(visit | subject)` ló fún ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní ìtànká tirẹ̀, tó sì fún ìbẹ̀wò méjì-méjì ní ìbátan tiwọn. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti ń jáde nínú òfin ANOVA. Wíwà tí ọ̀rọ̀ "aládàlù" wà nínú orúkọ ohun tí ẹ lò kò mú yín jáde.

Dókítà Àrẹ̀mú

Mo kí gbogbo yín. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó wọ yunifásítì, kò sì tíì sí ìgbìmọ̀ kan tó dá ANOVA wa padà. Ìṣòro ìtànká tí ẹ ń sọ yìí, àtúnṣe Greenhouse-Geisser ti wà fún un láti ọdún 1959, SPSS sì máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde sábẹ́ èsì Mauchly láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Ní ti àwọn tó yọwọ́, ẹ mú máàkì ìkẹyìn tí ẹ rí gbà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ fi dí àlàfo tó kù. Kò fi ojúure hàn sí ìtọ́jú tuntun, kò sì sí ẹni tí yóò sọnù nínú ìtúpalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wa kọ ohun tí kò ní lè gbèjà níwájú àwọn olùdánwò.

Olùṣirò_Ìlọrin

Ẹ kú àárọ̀ o, Dókítà. Òótọ́ ni ti Greenhouse-Geisser, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Àmọ́ iye òmìnira tí F ń lò nìkan ló ń dín kù. Kò dá ẹnì kan padà nínú àwọn tí ANOVA ti lé jáde. Ohun mìíràn tún ni pé F yẹn ń dáhùn ìbéèrè tí Mofẹ́ kò béèrè. Ó ń sọ bóyá ìrìn àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì bára mu ní gbogbo ìbẹ̀wò, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ìdánwò fẹ́ mọ̀ ni bí ọ̀wọ́ kan ṣe fi rẹlẹ̀ ju èkejì tó ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún, àti bí iye náà ṣe dájú tó.

Ní ti fífi máàkì ìkẹyìn dí àlàfo, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Àfiṣàpẹẹrẹ lásán ni àwọn nọ́ńbà yìí. Ọ̀wọ́ kan ní ẹni 20, ìbẹ̀wò méjì péré ló sì wà. Ní ìbẹ̀wò kìíní, àròpín gbogbo wọn jẹ́ 20. Ẹni mẹ́wàá ló padà wá fún ìbẹ̀wò kejì: àròpín wọn ti jẹ́ 16 ní ìbẹ̀wò kìíní, ó sì wálẹ̀ sí 10 ní ìkejì. Àwọn mẹ́wàá tí kò padà wá ni ara wọn kò le jù lọ, 24 sì ni àròpín wọn ní ìbẹ̀wò kìíní.

ANOVA yóò gbàgbé àwọn mẹ́wàá yẹn, yóò sì sọ pé àròpín ọ̀wọ́ náà ní ìbẹ̀wò kejì jẹ́ 10. Bí ẹ bá fi máàkì ìkẹyìn dí àlàfo, àwọn tó lọ yóò dúró sórí 24, àròpín yóò sì di 17, bí ẹni pé ẹni tó bá ti jáde kò lè sàn rárá mọ́. Ohun tí mọ́dẹ́ẹ̀lì aládàlù ń ṣe yàtọ̀ sí méjèèjì. Ó ń wo àwọn tó padà wá, ó sì ń rí i pé ẹni tí máàkì rẹ̀ fi 1 ga ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìbẹ̀wò kìíní fi nǹkan bíi 0.8 ga jù ú lọ ní ìkejì. Àwọn tó lọ fi 8 ga ju àwọn tó dúró lọ, nítorí náà a retí pé kí wọ́n wà ní 10 pẹ̀lú 6.4, èyí tó jẹ́ 16.4. Àròpín ọ̀wọ́ náà di 13.2.

Dátà kan náà ni, ó sì fún wa ní 10, 13.2 àti 17. Bí àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì bá ń yọwọ́ ní ìwọ̀n kan náà fún ìdí kan náà, àṣìṣe náà lè fagi lé ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Bí oògùn ọ̀wọ́ kan bá ń rìn wọ́n lóòyì tí wọ́n sì ń lọ, kò ní fagi lé ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn, Dókítà, tí a kò fi lè sọ pé fífi máàkì ìkẹyìn dí àlàfo kò lè ṣojúure sí ìtọ́jú tuntun. Bí ó bá jẹ́ àwọn tó wà nínú ọ̀wọ́ àtijọ́ ló ń tètè lọ, ìgbà tí ara wọn ṣì wúwo ni a ó máa gbé síwájú, ìtọ́jú tuntun yóò sì dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́ ju bó ṣe ṣiṣẹ́ lọ.

Físíò_Kẹ́hìndé

Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ìrora ẹ̀yìn ni mo ń tọ́jú. Mo máa ń pe àwọn aláìsàn mi lórí fóònù lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 28 pé kí wọ́n fún ìrora wọn ní máàkì láti 0 dé 10. Mo gbé `us` tí ẹ kọ yẹn sí i, kọ̀ǹpútà sì kọ̀ jálẹ̀. Ṣé ó túmọ̀ sí pé ANOVA ló kàn mí?

Olùṣirò_Ìlọrin

Rárá o, Kẹ́hìndé. Tìrẹ yàtọ̀ sí ti Mofẹ́. Ìbẹ̀wò mẹ́rin lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ń béèrè iye 10 fún ìtànká àti ìbátan, èyí tí dátà lè gbé. Ọjọ́ 28 ń béèrè iye 406, ìdí tí ó fi kọ̀ nìyẹn. Fi ọjọ́ ṣe nọ́ńbà, kí o jẹ́ kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ àti ìyára tirẹ̀ láti sàn, ìyẹn `(day | id)`. Bí ìrora bá tètè já wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní tó sì wá dúró sójú kan, ìlà gbọọrọ kò ní bá a mu, ìwọ yóò sì rí i bí o bá ya àṣẹ́kù mọ́dẹ́ẹ̀lì náà sí orí ọjọ́: àárín yóò sẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ìkángun méjèèjì yóò gbé sókè. Tẹ ìlà náà nígbà náà.

Adéwọlé

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé `(1 | id)` kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà fi ìdí ohun tí mo sọ nípa àwọn tó yọwọ́ múlẹ̀ ná. Ṣé 13.2 yẹn kọ́ ni èsì tó tọ́?

Olùṣirò_Ìlọrin

Ó tọ́ bí ohun tó mú kí ènìyàn lọ bá ti hàn nínú máàkì tí a ti rí. Bí aláìsàn bá wà ní 24, tó sọ pé ìtọ́jú yìí kò ràn mí, tó sì lọ, 24 yẹn ti wà lọ́wọ́ wa, mọ́dẹ́ẹ̀lì sì lè fi ṣiṣẹ́. Bí ó bá wà ní 14, tí nǹkan wá burú fún un láàrin ìbẹ̀wò méjì débi pé kò lè jáde nílé mọ́, kò sí ohun kan nínú dátà tó lè sọ fún wa. Kò sí ìdánwò kankan tó lè fi ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì hàn láti inú dátà náà, nítorí pé ohun tí a nílò láti fi wé e gan-an ni ó sọnù.

Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a bi ara wa léèrè bí nǹkan ṣe ní láti burú tó kí èsì wa tó yí padà. Nínú àfiṣàpẹẹrẹ mi, ká ní àwọn tó lọ burú ju bí mọ́dẹ́ẹ̀lì ṣe retí lọ ní máàkì 4: 16.4 yóò di 20.4, 13.2 yóò sì di 15.2. Ẹ ṣe é fún ọ̀wọ́ ìtọ́jú tuntun nìkan, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ sún un sókè títí èsì yóò fi yí. Bí ó bá jẹ́ pé máàkì 2 péré ti tó láti yí i, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Bí kò bá yí àyàfi ní 12 lórí ìwọ̀n tí kò ju 27 lọ, òǹkàwé yóò mọ ohun tí yóò rò.

Mofẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Ó ku ohun méjì tó ń dà mí láàmú. Aláìsàn 60 péré ni owó wa lè gbé, mo sì ń bẹ̀rù pé `us` lè kọ̀ jálẹ̀ bí ó ṣe kọ̀ fún Físíò. Èkejì ni máàkì ìbẹ̀rẹ̀: ṣé kí n fi í sára àwọn ìbẹ̀wò ni, àbí kí n fi sí apá ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣe `bdi.pre`?

Olùṣirò_Ìlọrin

Pẹ̀lú 60, iye 10 kì í sábà ṣòro, àyàfi bí ìbẹ̀wò ìkẹyìn bá gbẹ tán. Kọ ohun tí ẹ óò ṣe bí ó bá kọ̀ sínú ìwé ètò nísinsìnyí, kí ẹ tó mọ ẹni tó gba ìtọ́jú wo. Èmi a máa kọ ọ́ báyìí: a ó kọ́kọ́ gbìyànjú `us`, bí kò bá gbà, `toeph`, tó ń jẹ́ kí ìbátan máa tẹ̀ lé ipò ìbẹ̀wò nínú ìtò wọn, bí ìyẹn náà kò bá gbà, `ar1h`. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ti rí p-value ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yan èyí tó wù ú. Pẹ̀lú dátà kékeré, ẹ fi Kenward-Roger síbẹ̀, nítorí pé láìsí i àṣìṣe ìdíwọ̀n máa ń kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ti máàkì ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀nà méjèèjì tọ́. Èyí tí mo kọ yẹn lo ẹni 97 nínú `BtheB`, torí pé àwọn mẹ́ta kò ní máàkì kankan lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìbẹ̀rẹ̀ ṣe ìbẹ̀wò karùn-ún, kí ẹ sì dè é pé àròpín ọ̀wọ́ méjèèjì dọ́gba níbẹ̀ nítorí pé kèké ló pín wọn, gbogbo 100 yóò wọlé, ṣùgbọ́n 10 yóò di 15. Fún ẹni 60, èyí àkọ́kọ́ ni mo máa mú. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni èyí tó wà nínú kóòdù Adéwọlé bí ẹ bá ka ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ `visit` láì dè é, tí ẹ sì wá ka `arm` gẹ́gẹ́ bí agbára ìtọ́jú. Ìyàtọ̀ àwọn ọ̀wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kí ẹnikẹ́ni tó gba ìtọ́jú.

Bí ọ̀gá yín bá fẹ́ rí ANOVA ṣá, ẹ fi í sí àfikún fún àwọn tí máàkì wọn pé, kí ẹ sì kọ iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti mọ́dẹ́ẹ̀lì. Iye ènìyàn náà nìkan yóò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Dókítà Àrẹ̀mú

Mo ti ka ìṣirò 10, 13.2 àti 17 náà, n kò sì ní àtakò sí i. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ̀yin méjèèjì fò. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kì í kàn lọ. Dókítà mìíràn á kọ oògùn fún un lọ́sẹ̀ kẹwàá, á sì padà wá sí ìbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kejìlá pẹ̀lú máàkì 6. Máàkì yẹn kò sọnù. Ṣé ti ìtọ́jú wa ni, àbí ti oògùn náà?

Olùṣirò_Ìlọrin

Ìbéèrè yẹn gan-an, Dókítà, kò sí mọ́dẹ́ẹ̀lì tó lè dáhùn rẹ̀. Àfikún ICH E9(R1) ti ọdún 2019, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún ìdánwò oògùn, ní kí a dáhùn rẹ̀ kí a tó yan ọ̀nà ìtúpalẹ̀. Bí Mofẹ́ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí a fi ìtọ́jú yìí bẹ̀rẹ̀ fún, ohunkóhun tó wù kí ó gbà lẹ́yìn náà, 6 yẹn dúró bó ṣe wà. Bí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní kò sí oògùn mìíràn, a ó yọ 6 náà kúrò, a ó sì kà á sí àlàfo. Èmi a máa fara mọ́ èyí àkọ́kọ́, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ènìyàn ní kílíníìkì. Mo mọ àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi.

Dókítà Àrẹ̀mú

Èmi wà lára àwọn tí kò gbà. Bí ọ̀wọ́ àtijọ́ bá ń rí oògùn gbà níta ju ọ̀wọ́ tuntun lọ, ẹ óò ní ìtọ́jú tuntun kò ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé oògùn ló bá àwọn yòókù gbé e.

Mofẹ́

A óò fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan nígbà náà: oògùn wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo sì ni. Mo ti rí i pé kò sí ibi tí a ti béèrè rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù tí a ní lọ́wọ́, láìsí i a kò sì lè ṣe ọ̀kankan nínú ohun méjèèjì tí ẹ sọ yìí. Èyí tí yóò ṣíwájú ni màá gbé lọ bá olùdarí mi lọ́jọ́ Ajé.

Olùṣirò_Ìlọrin

Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti kọ ìtọ́jú náà sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì máa gba PHQ-9 wọn lórí fóònù bí wọn kò bá lè wá. Ẹni tó dáwọ́ ìtọ́jú dúró kò tíì jáde nínú ìdánwò.